Ìdá 90 nínú 100 tí fóònù ń fi hàn: kí ló ń sọ, kí ni kò sọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé ní Houston fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọjà kan ló fẹ́ tà lórí áàpù alágbàtà rẹ̀, wọ́n sì kọ `POP 90%` sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún ìṣeéṣe pé ẹni tó ta ọjà náà á jèrè. Ọ̀rọ̀ tí bọ̀ọ̀dá fi tẹ̀ lé e kò gùn: "Àbúrò, sọ òótọ́ fún mi. Iṣẹ́ wo lo tún mọ̀ tí èèyàn ti ń jèrè lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo ti tà á, n kò tíì pàdánù rí."

Mo ní, "Ẹ kú orí ire, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù nínú mẹ́wàá yẹn, tó bá dé, èló ló máa gbé lọ?"

Kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì ló tó pè mí, ohun tí a sì jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí i pé òun nìkan kọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń dà láàmú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tà. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní púùtù ni, nínú ọjà ọ́pṣọ̀n. Ẹni tó bá rà á ń ra ààbò: tí iye ìpín kan bá ti já wálẹ̀ kọjá ààlà kan nígbà tí ọjọ́ àdéhùn bá parí, ẹni tó tà á ni yóò san ìyàtọ̀ rẹ̀. Tí kò bá já dé ibẹ̀, ẹni tó tà á á jẹ owó ààbò náà ní àjẹgbé. Ẹni tó ń ta púùtù ti di ilé-iṣẹ́ adójútòfò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ orí àga nínú pálọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí. Oṣooṣù ni owó kékeré ń wọlé. Lọ́jọ́ tí iná bá jó ilé oníbàárà, owó ńlá á jáde.

Bọ̀ọ̀dá gbọ́n díẹ̀ ju àwọn tó ń tà á ní ìhòòhò lọ. Bó ṣe ń ta púùtù kan, ó ń ra òmíràn sábẹ́ rẹ̀ kí òfò má bàa jìn ju ibì kan lọ. Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà tó rọrùn. Ká sọ pé SPY, ìpín tó ń bá òṣùwọ̀n S&P 500 ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà rìn, wà ní 500 dọ́là. Ó ta púùtù tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 470, ó ra èyí tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 460, àdéhùn méjèèjì á sì parí ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn tó ti yọ owó tó fi ra ọ̀kan kúrò nínú owó tó gbà lórí èkejì, dọ́là 1 ló kù lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn kan kó ìpín 100 sínú, nítorí náà 100 dọ́là ló wọlé. Tí SPY bá parí lókè 470, ó jẹ 100 náà. Tó bá já sí 460 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, 1,000 dọ́là ni yóò san. Tí a bá yọ 100 tó ti gbà, 900 ni òfò rẹ̀. Èrè tó pọ̀ jù lọ jẹ́ 100, òfò tó pọ̀ jù lọ jẹ́ 900.

Níbo wá ni 90% ti wá? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Àwọn alágbàtà kan máa ń ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìlànà tó rọrùn gan-an lórí irú ọjà yìí:

```
POP = 100 - (owó tó wọlé ÷ fífẹ̀ àárín ààlà méjèèjì × 100)
    = 100 - (1 ÷ 10 × 100)
    = 90
```

Ẹ tún un wò. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju iye owó tí ọjà ń san lọ. Kò sí ẹni tó ṣe ìwádìí nípa ọrọ̀ ajé, kò sí ẹni tó wo ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan. Owó tí wọ́n fi ra ààbò náà ni wọ́n yí padà, tí wọ́n wá kọ ọ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn alágbàtà mìíràn kò lo ìlànà kúkúrú yìí, wọ́n ń lo ìṣirò tó jinlẹ̀ jù ú, tí a máa tó dé. Ṣùgbọ́n òun náà, iye owó ọ́pṣọ̀n ló ń jẹ. Iye ọjà náà ló wọ aṣọ mìíràn.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi ṣe ìṣirò tó tẹ̀ lé e. Ká gbà pé 90 yẹn péye tán. Kí bọ̀ọ̀dá ta ọjà yìí ní ìgbà 100. Ìgbà 90 ló jẹ 100 dọ́là, ìyẹn 9,000. Ìgbà 10 ló pàdánù 900, ìyẹn 9,000. Kí ló kù? Òdo.

Kì í ṣe àwíjàre, kì í sì í ṣe pé nọ́ńbà tí mo yàn ló ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Bí a bá gba dọ́là 2 dípò 1, èrè á di 200, òfò á di 800, `POP` á sì di 80. Ìgbà 80 lọ́nà 200 jẹ́ 16,000. Ìgbà 20 lọ́nà 800 jẹ́ 16,000. Tí a bá gba 50 sẹ́ǹtì, `POP` á gòkè di 95, èrè á di 50, òfò á di 950. Ìgbà 95 lọ́nà 50 jẹ́ 4,750. Ìgbà 5 lọ́nà 950 jẹ́ 4,750. Ẹ gbé ààlà náà síbi tó wù yín, òdo náà ni. Bí ìṣeéṣe èrè bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni òfò ń wúwo sí i, tí èrè sì ń fúyẹ́. Ọjà ti fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n kí bọ̀ọ̀dá tó ṣí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá wá yan ọjà tí `POP` rẹ̀ jẹ́ 95 nítorí pé ó ju 80 lọ kò tíì yan ohun tó sàn jù. Irú òfò tó fẹ́ ló yàn: èyí tó máa ń wá lemọ́lemọ́ ní kékeré, tàbí èyí tó máa pẹ́ kó tó wá pẹ̀lú ẹrù ńlá lórí.

Òdo yẹn gan-an ṣì dára jù. Alágbàtà á gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n fẹ́ rà á sì yàtọ̀ sí iye tí wọ́n fẹ́ tà á, àárín méjèèjì yẹn ni àwọn oníṣòwò ọjà ń jẹ. Ká fi dọ́là 6 sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà 100, 600 dọ́là ti lọ, láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, bọ̀ọ̀dá dá mi dúró. "Ṣé o ń sọ pé gbogbo ẹni tó ń ta ọ́pṣọ̀n ń pàdánù ni?"

Rárá o. Ìbéèrè tó dára ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ kan bò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí àwọn èèyàn ń san fún ààbò lórí S&P 500 máa ń ga ní ìpíndọ́gba ju bí ọjà náà ṣe ń mì lóòótọ́ lọ. Ẹ̀rù ló ń fà á. Ẹni tó ní ilé gbà láti san owó díẹ̀ lé e kó lè sùn. Nítorí náà, ẹni tó ń tà á lè rí nǹkan jẹ nínú ìyẹn, bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe ń jẹ. Ṣùgbọ́n `POP` kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá owó ẹ̀rù yẹn wà nínú ọjà tòní tàbí kò sí, bóyá ó tó tàbí kò tó. Ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ dáadáa lè ní `POP` 90, ọjà tí wọ́n fi rẹ́ni jẹ lè ní 90 kan náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lójú fóònù fún méjèèjì.

Nǹkan tó yẹ kí èèyàn kọ sí ẹ̀gbẹ́ `POP` ni iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ yege kó má bàa jẹ gbèsè. Ó rọrùn: ẹ pín òfò pẹ̀lú àpapọ̀ òfò àti èrè. Ti bọ̀ọ̀dá, 900 ÷ (900 + 100), ó jẹ́ 90%. Ẹ rí i pé ó bá `POP` dọ́gba, bí ìlànà yẹn ṣe fẹ́ kó rí. Gbogbo ọ̀ràn wá dá lórí bóyá òótọ́ ayé ga ju 90 lọ tàbí kò tó o. Níbí, àṣìṣe kékeré kì í ṣe kékeré. Tí ìyege gidi bá jẹ́ 92, ìgbà 100 á mú 2,000 dọ́là èrè wá. Tó bá jẹ́ 88, 2,000 dọ́là ni òfò. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ "88" àti "92" á ní nǹkan kan náà ni wọ́n. Lójú ẹni tó ń yege, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lóòótọ́. Lójú ẹni tó ń ka òfò, ọ̀kan jẹ́ 8, èkejì jẹ́ 12. Ìyẹn fi ìdajì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣé èèyàn lè fi ìrírí ara rẹ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ló ń bá rìn? Bọ̀ọ̀dá rò pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun: ìgbà 14, kò sí òfò kankan. Mo ní kó fọkàn yàwòrán 100 èèyàn tí wọ́n ń ta ọjà tó ń yege ní ìgbà 88 nínú 100, ìyẹn ọjà tó ń jẹ ojú owó wọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà 14, nǹkan bí 17 nínú wọn kò ní tíì rí òfò kankan. Àwọn 17 yìí ni ẹ máa gbọ́ ohùn wọn. Àwọn ló máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí àbúrò wọn. Kí a tó lè fi ìdánilójú díẹ̀ ya 88 tàbí 92 sọ́tọ̀ kúrò lára 90, ó tó nǹkan bí ìgbà 900 tí èèyàn gbọ́dọ̀ tà á. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọdún 75 nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá ti pé ọmọ ọdún 52.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Àwọn baba wa kò ta ọ́pṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ìwé ìṣirò tí ojú ewé rẹ̀ kún fún ọjọ́ olè, tí ọjọ́ olóhun kò sì tíì dé inú rẹ̀.

Mo ṣèlérí pé a máa dé orí ìṣirò tó jinlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń gbà pé bí iye ìpín ṣe máa yí padà tẹ̀ lé àwòrán kan tó dà bí agogo: àárín ló ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á mú iye bí ọjà ṣe ń retí pé ìpín náà máa mì, èyí tí wọ́n yọ láti inú iye owó ọ́pṣọ̀n, wọ́n á fi ya agogo náà, wọ́n á sì ka apá tó bọ́ sí ìhà èrè. Nǹkan méjì ló bà á jẹ́ fún ẹni tó ń jẹ kékeré tó lè pàdánù ńlá. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ agogo ti ọjà gidi sanra ju ti inú ìwé lọ. Ìkejì ni pé ọjọ́ tí àdéhùn parí nìkan ni àwòrán náà ń wò, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Oṣù Kejì ọdún 2018 fi méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 2017 ti lọ wẹ́rẹ́, ọjà Amẹ́ríkà kò mì rárá, àwọn tó ń ta ààbò sì ti jẹ àjẹyó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2018, S&P 500 parí sí 2,872.87, tó ga ju bó ṣe wà rí lọ. VIX, òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ọjà ṣe ń retí pé S&P máa mì tó lóṣù tó ń bọ̀, wà ní 11.08. Kékeré gan-an ni. Ká fi ara wa sípò ẹni tó ta púùtù lórí S&P lọ́jọ́ náà, tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 2,670, nǹkan bí ìdá 7 sísàlẹ̀ nínú 100, tí àdéhùn á parí ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì. Tí a bá fi 11.08 yẹn ya agogo, ìṣeéṣe pé òṣùwọ̀n náà á parí lókè 2,670 jẹ́ nǹkan bí 99 nínú 100. Áàpù tó bá lo iye ti ààlà náà fúnra rẹ̀ dípò VIX á sọ ohun tó dín sí ìyẹn díẹ̀, torí pé ààbò tó jìnnà máa ń wọ́n ju ti itòsí lọ. Síbẹ̀, nọ́ńbà tó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ náà ni. Ká ní ó gba 300 dọ́là lórí àdéhùn kan. Èmi ni mo fi 300 sí i, kí ìṣirò lè rìn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 2 oṣù Kejì, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, S&P já ní ìdá 4.1 nínú 100, ó parí sí 2,648.94. VIX gbéra láti 17.31 dé 37.32 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ogun tó bẹ́, kò sí báńkì ńlá tó dojú dé. Ní ọjọ́ kẹjọ, S&P ti wà ní 2,581. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, ìdá 10 nínú 100 ti lọ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọjà fi ṣí. Agogo tí a fi 11.08 yà sọ pé irú nǹkan báyìí ṣọ̀wọ́n débi pé ẹni tó bá ń dúró dè é kò ní bá a láyé. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré lórí kàlẹ́ńdà ló gbà á.

Ẹni tó ta púùtù 2,670 wá wo owó rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín 2,670 àti 2,581 jẹ́ 89. Lórí S&P, wọ́n ń sọ ọ́ di ìlọ́po 100, nítorí náà 8,900 dọ́là ni gbèsè tó ti hàn gbangba lórí àdéhùn kan, láì tíì ka ẹ̀rù tó ti mú kí iye púùtù náà gbówó lórí ju ìyẹn lọ. 300 ló gbà. Alágbàtà á pè é pé kó wá fi owó kún owó ìdógò rẹ̀. Tí kò bá rí owó, alágbàtà á ra púùtù náà padà fún un ní iye tí ọjà ń pè é lọ́jọ́ náà, láì bi í léèrè. Òfò náà di tirẹ̀ nìyẹn.

Apá tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ pa ẹni tó kàn lẹ́rìn-ín, ni èyí. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì dé, àdéhùn parí. Níbo ni S&P wà? 2,747.30. Ó wà lókè 2,670 dáadáa! Nọ́ńbà 99 nínú 100 yẹn ṣẹ. Ẹni tó ní owó ìdógò tó pọ̀, tó lè jókòó wo òfò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ọgbọ̀n owó tó gbà kó má sì ṣe nǹkan kan, jẹ 300 rẹ̀ ní pípé. Ẹni tí wọ́n lé jáde ní ọjọ́ kẹjọ pàdánù lórí ọjà tí `POP` rẹ̀ sọ òtítọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìlànà kúkúrú kan fún èyí: ìṣeéṣe pé iye ìpín á fọwọ́ kan ààlà kan kí àdéhùn tó parí máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì ìṣeéṣe pé ó máa parí sí ìkọjá ààlà náà. Ẹni tí fóònù sọ fún pé ewu rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, kó múra sílẹ̀ fún ìgbà 20 nínú 100 tí àyà rẹ̀ máa já lójú ọ̀nà, kó sì mọ̀ ṣáájú bóyá òun lè dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ọjà já yẹn ni XIV kú. Ìwé owó ni, tí Credit Suisse gbé jáde, tó ń jèrè nígbà tí ìbẹ̀rù bá lọ sílẹ̀ nínú ọjà, tó sì ti ń gòkè bí ẹni gun àkàbà ní gbogbo ọdún 2017. Ó pàdánù ju ìdá 90 nínú 100 iye rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ kejì pé wọ́n máa pa á tì. Ẹni tó bá ka iye oṣù tó fi jèrè ṣáájú ìgbà náà á rí ìyege tó wuni gan-an.

Bọ̀ọ̀dá ní ìdáhùn kan sílẹ̀ fún mi. "Mi ò kó ẹyin mi sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́ tà á lé lórí." Lórí ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìdá 10 nínú 100 láti bàjẹ́ tí wọn kò sì mọ ara wọn, kí márààrún bàjẹ́ pa pọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 100,000. Ṣùgbọ́n ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mọ ara wọn. Lọ́jọ́ tí ọjà bá ń já, ọwọ́ kan náà ló ń ta gbogbo wọn. Adójútòfò tó gba owó lọ́wọ́ ilé márùn-ún ní àdúgbò onílé pákó kan náà, kò yẹ kó pe iná wọn ní ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún. Ìyàtọ̀ tí bọ̀ọ̀dá rí láàárín orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, lọ́jọ́ èrè nìkan ló máa ń hàn.

N kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí Amẹ́ríkà. Nílé níbí, àwọn kan ń ta àmì ìgbà tó yẹ kéèyàn rà tàbí kó tà nínú òwò pàṣípààrọ̀ owó lórí Telegram, wọ́n á sì gbé e sójú pálí pé àwọn ń yege ní ìgbà 95 nínú 100. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é, àní lórí kọ́bọ̀ tí wọ́n ń ta sókè. Ẹ ta kọ́bọ̀ tó dọ́gba sókè, kí orí fún yín ní náírà kan, kí ìrù gba náírà kan. Ẹ ní ẹ máa dúró nígbà tí ẹ bá jèrè 5 náírà, tàbí tí ẹ bá pàdánù 95. Ìṣeéṣe pé ẹ máa dé èrè 5 kí ẹ tó dé òfò 95 jẹ́ 95 nínú 100, géérégé. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú kọ́bọ̀ náà. Ibi tí ẹ ti ní ẹ máa dúró ló dá ìyege yẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń san 1.05 lórí rẹ̀, tó ń pè é ní èyí tó dájú, inú odò kan náà ló wà: ó ń fi 1,000 náírà wá 50, ó sì gbọ́dọ̀ yege ju ìgbà 95 nínú 100 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè.

Kí wá ni kí èèyàn máa wò lójú fóònù? Mo sọ fún bọ̀ọ̀dá pé kó fi àtàǹpàkò bo `POP` fún ìgbà díẹ̀, kó wo òfò tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó pín in pẹ̀lú èrè tó pọ̀ jù lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 9. Ìyẹn ni pé òfò kan á jẹ èrè mẹ́sàn-án. Kó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni mo mọ̀ tí ọjà kò mọ̀, tí mo fi gbà pé ìgbà mẹ́sàn-án yẹn á pé kí ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó dé? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "`POP` ló sọ bẹ́ẹ̀", kò tíì dáhùn, torí ẹnu ọjà ni `POP` ti gba ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó wo iye àdéhùn tó ń tà lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Mo bi í léèrè pé mélòó ló ń tà.

"Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́jọ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo rí i pé ó dára, mo sọ ọ́ di mẹ́ta-mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà."

"Èyí tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Mẹ́wàá."

A jọ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ní ìhín, òun ní ọ̀hún. Ìgbà mẹ́jọ lọ́nà 100, 800 dọ́là. Ìgbà mẹ́fà lọ́nà 300, 1,800. Gbogbo èrè ọdún kan ó lé díẹ̀ jẹ́ 2,600. Tí ìkẹẹ̀ẹ́dógún yìí bá bàjẹ́ pátápátá, àdéhùn mẹ́wàá lọ́nà 900 jẹ́ 9,000. Á ti yege ní ìgbà 14 nínú 15, ìyẹn ìdá 93 nínú 100, tó ju ohun tí fóònù ṣèlérí lọ. Á sì ti jẹ 6,400 dọ́là gbèsè.

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan lójú fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti yí mẹ́wàá yẹn padà sí ọ̀kan. `POP` ṣì wà ní 90 o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò ní yí padà."